Nígbà tí Ìyá Àgbà bá Tún Di Ìyá Ọmọ: Títọ́ Ọmọ Ọmọ ní Agbègbè Kétu

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé òkété bó bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ẹni tó ti tọ́ ọmọ yóò jókòó ní ọjọ́ ogbó, ọmọ náà yóò sì máa tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ agboolé tí a ń wọ̀ ní Kétu, ní Pọ́bẹ̀ àti ní Ṣábẹ̀, òkété ti dàgbà tán, òun náà ló sì tún ń fún ọmọ lọ́mú. Ìyá àgbà ló ń jí ọmọ ọmọ rẹ̀ láàárọ̀, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń bọ́ ọ, òun ló ń rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí rẹ̀. Àwọn òbí wà ní Kútọnu, ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Èkó. A fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín bí ètò yìí ṣe rí lónìí, ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ìyá àgbà, àti ìdí tí ó fi ń gbe ìdílé kan tí ó sì ń wọ òmíràn lọ́rùn.

Bí ó ti rí tẹ́lẹ̀

Fífi ọmọ sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kì í ṣe àṣà tuntun. Nígbà tí ọmọ bá ti já lẹ́nu ọmú, tí ó ń rìn, tí ó sì ń gbọ́ iṣẹ́ tí a bá rán an, wọ́n lè mú un lọ bá ìyá tó bí ìyá rẹ̀ tàbí ìyá tó bí bàbá rẹ̀. Yóò máa pọn omi díẹ̀, yóò máa fẹ́ iná, yóò sì máa sùn ti àgbà kí ilé má baà dá. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: òwe yìí ni ìpìlẹ̀ àdéhùn náà. Kò sẹ́ni tí ń sọ ọ́ jáde, nítorí gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n.

Nǹkan méjì ló ń mú ẹrù náà fúyẹ́ nígbà náà. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn òbí wà nítòsí, wọ́n sì ń gbé iṣu àti àgbàdo wá nígbà ìkórè. Èkejì ni pé agboolé kún. Bí ìyá àgbà bá rẹ̀, ìyàwó ilé wà, ọmọ lè jẹun nídìí ààrò èyíkéyìí.

Lónìí, ọmọ lè dé kí ó tó pé ọdún méjì, àwọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì lè wà lọ́wọ́ àgbà kan ṣoṣo. Ìyá tí ń ta ọjà lẹ́bàá títì ní Kútọnu, tí ń gbé inú yàrá kan, kò rí ẹni tí yóò bá a mójú tó ọmọ. Òmíràn kọ ọkọ rẹ̀, ó sì fẹ́ ẹlòmíràn. Òmíràn ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ nígbà tí ó bímọ. Àwọn mìíràn ti kú. Agboolé náà sì ti ṣófo, nítorí pé àwọn tí ì bá ran ìyá àgbà lọ́wọ́ ti lọ sí ìlú ńlá pẹ̀lú àwọn yòókù.

Kí a má ṣe da èyí pọ̀ mọ́ ohun tí àwọn Fọn ń pè ní vidómẹ̀gọ̀n. Nínú ìyẹn, ọmọ máa ń kúrò ní abúlé lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ń gbé ìlú ńlá, iṣẹ́ ló sì sábà máa ń ṣe níbẹ̀. Nínú èyí tí à ń sọ, ìlú ńlá ni ọmọ ti ń wá sí abúlé, àgbà ló sì ń ṣiṣẹ́ fún un.

Owó oṣù kan

Ẹ jẹ́ kí a mú ìyá kan ní abúlé kan lẹ́bàá Kétu. Ó jẹ́ ẹni ọdún 66, ọmọ ọmọ mẹ́rin ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀: ọmọbìnrin ọdún 11, ọmọkùnrin ọdún 8, òmíràn ọdún 5, àti ọmọdé ọdún 2. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí ń wa sẹ́mijàn ní Kútọnu, ń fi 15,000 sẹfa ránṣẹ́ lóṣooṣù lórí fóònù, nígbà tí ọjà bá tà.

A jókòó tì í, a sì bá a ṣírò rẹ̀. Ìjọba ti mú owó ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò láti ọdún 2006, nítorí náà kì í san owó ìwé. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́ta tí ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ń gba 100 sẹfa lójúmọ́ láti fi jẹun nígbà ìsinmi. Ọjọ́ 20 nínú oṣù, 6,000 sẹfa nìyẹn. Ọṣẹ gba 2,000, àgbàdo lílọ̀ gba 1,500. Ó ku 5,500 fún epo, iyọ̀, ẹja àti iná. Lẹ́yìn náà ni ibà mú àbíkẹ́yìn, àyẹ̀wò àti oògùn sì gba 4,000. Oṣù kò tíì dé ìdajì, 1,500 sẹfa ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi tí ètò oúnjẹ ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2017 bá ti dé, owó ìsinmi máa ń dín kù púpọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ abúlé yìí kò tíì sí nínú rẹ̀.

Gàrí ni ìyá náà fi ń dí àlàfo yìí. Ẹgẹ́ tútù kílò mẹ́rin sí márùn-ún ló ń di kílò gàrí kan. Ó gbọ́dọ̀ bẹ ẹgẹ́, kí wọ́n bá a rin ín, kí ó dì í sínú àpò kí omi rẹ̀ ro, kí ó kù ú, kí ó sì yan án lórí iná fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Iṣẹ́ tó mọ̀ láti kékeré ni, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjì kò ṣeé fi sílẹ̀ nídìí iná. Bí ó bá pọ̀n ọ́n, kò lè yan gàrí. Bí ó bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ. Nítorí náà ni ọmọbìnrin ọdún 11 fi ń jókòó sílé ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń yan gàrí. Àmì yìí ni a fi máa ń mọ̀ pé ẹrù ti ju agbára àgbà lọ: olùkọ́ yóò sọ pé ọmọ àgbà inú wọn kì í wá ní ọjọ́ kan náà léraléra. Kì í ṣe pé ìyá àgbà kò ka ẹ̀kọ́ sí. Ọwọ́ ni kò tó.

Oṣù tó le jù ni Oṣù Karùn-ún àti Oṣù Kẹfà, nígbà tí àgbàdo ọdún tó kọjá ti tán tí tuntun kò sì tíì gbó. Lẹ́yìn náà ni Oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ń wọlé, tí ọmọ mẹ́ta ń fẹ́ aṣọ àti ìwé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ara àti ìwé

Ọmọ ọdún méjì tó jẹun dáadáa lè wọ̀n tó kílò 12. Gbígbé e sókè àti pípọ̀n ọ́n lọ sí odò kì í ṣe ohun kan náà fún ẹni ọdún 25 àti ẹni ọdún 66. Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ń dun àwọn ìyá wa, lẹ́yìn náà orúnkún, lẹ́yìn náà ojú tí èéfín ti bà jẹ́. Èyí tó burú jù kì í hàn: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru a máa fi oògùn tirẹ̀ sílẹ̀ láìrà kí ó lè ra ti ọmọ. Ọmọ tó bá wá kí ìyá rẹ̀ kí ó béèrè pé, “Ìyá, ẹ jẹ́ kí n rí oògùn yín.” Bí páálí rẹ̀ bá ti ṣófo láti oṣù tó kọjá, ìdáhùn ti wà níbẹ̀.

Ìwé ni ìṣòro tí àwọn ọ̀dọ́ òbí kì í rántí. Ìwé ìbí ọmọ sábà máa ń wà nínú àpótí ìyá rẹ̀ ní ìlú ńlá, tàbí kí ó má tilẹ̀ sí rárá. Kò fi bẹ́ẹ̀ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu títí ọmọ yóò fi dé kíláàsì kẹfà, tí wọ́n bá ń kọ orúkọ fún ìdánwò àṣejáde. Nígbà náà ni ìyá àgbà tí kò gbọ́ Faransé yóò máa sáré láti ilé olórí abúlé dé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, wọn yóò sì sọ fún un pé ilé-ẹjọ́ ló kù. Lábẹ́ òfin ìdílé orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2004, òbí ló ní àṣẹ lórí ọmọ. Ìyá àgbà ń ṣe iṣẹ́ òbí, ṣùgbọ́n kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi hàn bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ọkàn ń gbé

Àbíkẹ́yìn ìyá tí a sọ yìí ń pè é ní “Ìyá”. Obìnrin tó bí i, tí ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ni ó ń pè ní “Tantí”. Ìyá àgbà ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ó ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé ojú ọmọ òun obìnrin máa ń rẹ̀wẹ̀sì ní ọjọ́ náà. Àwọn òbí máa ń sọ pé ìyá àgbà ń kẹ́ ọmọ ní àkẹ́bàjẹ́. Ìyá àgbà máa ń sọ pé ẹni tí kò sí ńlé kò lè kọ́ òun ní bí a ṣe ń báni wí. Òdodo díẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Ìbẹ̀rù tó jinlẹ̀ jù ni ti ikú. Ìyá yìí máa ń ka ọdún: nígbà tí àbíkẹ́yìn yóò bá pé ọdún 15, òun yóò ti di ẹni ọdún 79. Ìdàkejì rẹ̀ náà sì ń dùn wọ́n. Bí ọmọ bá ti dàgbà tó láti ran ènìyàn lọ́wọ́, àwọn òbí lè wá mú un lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, yàrá yóò sì dákẹ́. Kò sẹ́ni tí ń kí àgbà kú àṣẹ̀yìndè irú ìpínyà bẹ́ẹ̀.

Ohun tó yẹ kí a sọ jáde

Láyé àtijọ́, a kò nílò láti sọ àdéhùn jáde nítorí pé gbogbo ènìyàn wà nítòsí. Nísinsìnyí, àìsọ̀rọ̀ ló ń da ọ̀pọ̀ ilé rú. Nínú àwọn ìdílé tí a rí tí ó ń lọ déédéé, wọ́n jókòó kí ọmọ tó dé, àwọn òbí méjèèjì, ìyá àgbà, àti àbúrò kan tí ń gbé ìtòsí. Wọ́n dá ọjọ́ tí owó yóò máa dé. Wọ́n ya owó àìsàn sọ́tọ̀ lọ́wọ́ àbúrò náà, kí ó má baà bọ́ sínú owó ọbẹ̀. Wọ́n kó ìwé ìbí àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ìyá àgbà. Wọ́n sì sọ ọdún tí ọmọ yóò padà, kí àgbà lè mọ̀, kí ọmọ náà sì lè mọ̀.

Nínú ilé ìyá wa yìí, ìjókòó náà pẹ́ kí ó tó wáyé, ó kàn wáyé ni. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gbà láti máa san 3,000 sẹfa fún ọmọbìnrin àdúgbò kan tí yóò máa gbé àbíkẹ́yìn ní ọjọ́ gàrí. Ọmọ ọdún 11 ti padà sí kíláàsì.

Èrè kan wà tí a kò lè kà mọ́ sẹfa. Ọ̀pọ̀ ọmọ Kétu àti Ṣábẹ̀ tí wọ́n bí sí Kútọnu ń sọ Fọn àti Faransé, wọ́n sì ń gbọ́ èdè wa díẹ̀díẹ̀. Àwọn mẹ́rin tí wọ́n ń gbé ọ̀dọ̀ ìyá yìí ń fi èdè Kétu ṣeré, wọ́n ń fi jà, wọ́n ń fi pa àlọ́. Ní àárọ̀ tí a sùn mọ́ wọn, kí wọ́n tó wẹ̀, ìyá náà pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ki olúkúlùkù ní oríkì rẹ̀. Nígbà tí ó dé orí ẹni ọdún 8, Ikọ́ dí i lọ́nà. Ọmọ náà ló bá a parí rẹ̀.