Yangí, Ihò àti Òkìtì: Ọ̀rọ̀ Ìṣáájú Inú Ìwé Ìwọ̀n Iṣẹ́ Ilé

Nígbà tí a bá fẹ́ gbé iṣẹ́ ilé ńlá fún agbaṣẹ́ṣe, ìwé kan wà tí a ń to gbogbo iṣẹ́ náà sí lẹ́sẹẹsẹ: irú iṣẹ́ tí ó jẹ́, bí ó ti pọ̀ tó, owó ẹyọ ìwọ̀n kan, àti àpapọ̀ owó. Ìwé ìwọ̀n iṣẹ́ ni a óò máa pè é níhìn-ín. Ní iwájú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìṣáájú máa ń wà, èyí tí ó ń sọ ohun tí owó ẹyọ kọ̀ọ̀kan kó sínú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ṣí i kọjá láìkà á, ibẹ̀ sì ni ìjà ti ń wá.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìpìlẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ilemọna, létí Ọ̀fà, ṣe àpèjúwe. Kòtò ìpìlẹ̀ náà gùn ní mítà 60, ó fẹ̀ ní mítà 0.675, ó sì jìn ní mítà 1. Èyí jẹ́ mítà kúbíìkì 40.5. Bí a bá fi owó mítà kúbíìkì kan sí ₦4,000, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦162,000.

Nígbà tí wọ́n gbẹ́ kòtò tán, agbaṣẹ́ṣe wọn òkìtì erùpẹ̀ tí ó wà létí rẹ̀. Ilẹ̀ tí a bá gbẹ́ a máa wú. Bí ó bá fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún wú, 40.5 ti di 52.65, owó sì ti di ₦210,600. Ìyàtọ̀ ₦48,600 ni ó di àríyànjiyàn yìí. Agbaṣẹ́ṣe kò purọ́: òkìtì ni ó wọ̀n. Ṣùgbọ́n òfin ìwọ̀n sọ pé bí ilẹ̀ ti wà kí a tó gbẹ́ ẹ ni kí a wọ̀n ọ́n. Ihò ni a ń wọ̀n, a kì í wọn òkìtì. Ẹni tí yóò bá dá owó lé e gbọ́dọ̀ ti ro ìwú náà mọ́ ₦4,000 rẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ akẹ́rù tí ń gbé mítà kúbíìkì 5 yóò rin ìrìn 11 láti kó gbogbo rẹ̀ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 9 péré ni ihò náà jọ.

Irú òfin báyìí wà nínú ìwé tí ẹgbẹ́ àwọn aṣírò-iye-iṣẹ́ ilé Nàìjíríà gbé jáde, èyí tí ẹ̀dà rẹ̀ kẹta wáyé ní 2008, tí ẹ̀kẹrin sì tẹ̀ lé e ní 2015. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ní tiwọn láti 1922. Bí ọ̀rọ̀ ìṣáájú bá dárúkọ ẹ̀dà tí a lò, ó ti dá ìdajì ẹjọ́.

Ìdajì yòókù ni yangí. Kí a sọ pé wọ́n bá a ní mítà 0.6, ó sì lọ títí dé ìsàlẹ̀ kòtò. Ìyẹn jẹ́ mítà kúbíìkì 16.2. Agbaṣẹ́ṣe ní àpáta ni. Oníṣẹ́ ní ilẹ̀ lásán ni. Líle nìkan kò tó láti fi dájọ́. Ìtumọ̀ tí a sábà ń lò ni pé àpáta ni ohun tí a kò lè yọ àfi pẹ̀lú èèkàn irin, ẹ̀rọ àkànṣe tàbí ohun abúgbàù. Yangí tí dígà bá lè fọ́ kì í ṣe àpáta nípa ìtumọ̀ yìí, bí ó ti wù kí ó ta ko ọwọ́ tó. Ní irú ilẹ̀ tiwa, mo gbà pé kí ọ̀rọ̀ ìṣáájú dárúkọ yangí gan-an, kí ó sì sọ apá tí ó wà.

Bí a bá tilẹ̀ gbà pé àpáta ni, owó rẹ̀ jẹ́ àfikún lórí gbígbẹ́. A ti ka 16.2 náà mọ́ 40.5, a tún kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì fún ìnira tí ó lé nìkan. Agbaṣẹ́ṣe tí kò mọ èyí yóò kọ odindi owó síbẹ̀, a ó sì san owó gbígbẹ́ lẹ́ẹ̀méjì.

Ó kù sí ọwọ́ àwa atúmọ̀. Ọ̀rọ̀ wa “pẹ̀lú” léwu púpọ̀ níhìn-ín. “Gbígbẹ́ kòtò pẹ̀lú pákó ìdènà”: ṣé owó pákó wà nínú rẹ̀ ni, tàbí iṣẹ́ méjì ni? N óò kọ “a ti ka owó pákó mọ́ ọn” fún ti àkọ́kọ́, àti “a óò san owó pákó lọ́tọ̀” fún èkejì. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣe wà tí ó lè túmọ̀ sí “yọ̀ǹda”, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ “fi owó rẹ̀ kún iye tí o dá” nínú ìwé ìwọ̀n iṣẹ́. Ẹni tí ó bá tú u sí “a yọ̀ǹda gbígbọ́n omi” ti sọ ojúṣe di àṣẹ.

Àwọn kan rò pé gbólóhùn kan ṣoṣo, “gbogbo ohun tí iṣẹ́ bá gbà ni ó wà nínú owó”, ti tó. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹni tí ó gbọ́n yóò gbé owó lé ewu tí kò rí. Ẹni tí kò gbọ́n yóò dá owó kékeré, yóò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí yangí bá dé. Níbi tí a kò bá tíì mọ bí yangí ti pọ̀ tó, kí a kọ iye ìfojúdá, kí a sọ bẹ́ẹ̀ kedere, kí tọ̀tún-tòsì sì jọ wọ̀n ọ́n nínú kòtò kí a tó da kọnkéré.