Ọ́dítọ̀ Tí Kì Í Dúró De Ìparí Ọdún

Tẹ́lẹ̀, ọ́dítọ̀ inú ilé-iṣẹ́ máa ń fa ìwé ìsanwó díẹ̀ yọ wò lẹ́yìn tí owó ti lọ. Ní báyìí, kọ̀ǹpútà lè máa wo gbogbo rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ká ní ọ̀gá kan kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí ju ₦500,000 lọ. Bí kọngílá kan bá mú ìwé ìbéèrè owó ₦480,000, ₦470,000 àti ₦450,000 wá láàárín ọjọ́ méjì, ìkìlọ̀ á dé kí owó tó jáde. Ó lè jẹ́ iṣẹ́ ₦1,400,000 ni wọ́n gé wẹ́wẹ́. Ọ́dítọ̀ á béèrè ìwé àdéhùn, á sì lọ wo iṣẹ́ náà lójúkojú.

Àmọ́ ẹni tó ń gbé dísẹ́ẹ̀lì wá lemọ́lemọ́ náà á máa fa ìkìlọ̀ láìṣẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá pọ̀ jù, kò sẹ́ni tí yóò kà á sí mọ́, nítorí náà títún òfin ìkìlọ̀ ṣe ti di ara iṣẹ́ wọn.