Ọdún Mélòó Ni Owó Fi Ń Di Ìlọ́po Méjì?

Ṣé o mọ̀ pé o lè mọ ọdún tí owó yóò fi di ìlọ́po méjì láìfọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣirò? Mú 72, kí o fi èlé ọdọọdún pín in. Bí èlé bá jẹ́ náírà 12 lórí ọgọ́rùn-ún náírà lọ́dún, ọdún mẹ́fà ni.

Wò ó bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Fi ₦100,000 pamọ́, má yọ kọ́bọ̀ níbẹ̀. Lópin ọdún kìíní, ó di ₦112,000. Lópin ìkejì, ₦125,440. Nígbà tí ọdún kẹfà bá fi pé, ó ti di ₦197,382. Nǹkan bí oṣù kan àbọ̀ péré ló kù kó pé ₦200,000.

Ṣé o mọ̀ pé èlé tó ń bí èlé nìkan ni ìṣirò yìí wà fún? Bí o bá ń gba ₦12,000 rẹ ná lọ́dọọdún, ojú owó kò ní kúrò níbi tó wà. Ọdún mẹ́jọ àti oṣù mẹ́rin ni èlé tí o gbà yóò tó pé ₦100,000.

Ṣé o mọ̀ pé ìṣirò náà ti lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún? Luca Pacioli, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Ítálì, kọ ọ́ sínú ìwé kan tó tẹ̀ jáde ní Fẹ́nísì lọ́dún 1494, ṣùgbọ́n kò ṣàlàyé ibi tó ti wá.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 72? Bí èlé bá kéré gan-an, nǹkan bíi 69 ló péye jù. Ṣùgbọ́n bí èlé ṣe ń ga ni iye yẹn ń ga, tí èlé bá sì fi máa dé 8, ó ti di 72. Yàtọ̀ sí ìyẹn, 2, 3, 4, 6, 8, 9 àti 12 ló ń pín 72 láìṣẹ́kù, ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn láti fi orí ṣe.

Ṣé o mọ̀ pé ó máa ń tan ni jẹ bí èlé bá ga? Bí èlé bá jẹ́ 36, 72 yóò sọ pé ọdún méjì ni, bẹ́ẹ̀ ₦184,960 péré ni ₦100,000 yóò tíì dà nígbà náà. Àtúnṣe wà: bí èlé bá fi mẹ́ta mẹ́ta ju 8 lọ, máa fi 1 kún 72 fún mẹ́ta kọ̀ọ̀kan. Fún èlé 20, mẹ́ta mẹ́rin ló fi ju 8, nítorí náà 76 ni o máa fi 20 pín: ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́wàá ó dín díẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀wọ́ngógó náà ń tẹ̀ lé ìṣirò yìí? Bí ọjà bá ń fi 24 lórí ọgọ́rùn-ún wọ́n sí i lọ́dọọdún, ọdún mẹ́ta ni iye rẹ̀ fi ń di ìlọ́po méjì, àbí kó lé díẹ̀. Nítorí náà, láàárín ọdún mẹ́fà tí ₦100,000 rẹ fi di nǹkan bíi ₦200,000, ẹrù ₦100,000 ti sún mọ́ ₦400,000. Owó di méjì, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ohun tí yóò lè rà fi ju ìdajì ẹrù náà lọ.