Ìrora egungun iwájú ìbàdí nínú oyún tó ti dàgbà: ohun tó ń dín in kù àti ìgbà tó fi yẹ kí aboyún sáré lọ sílé ìwòsàn

Ní Fìdítì, ìlú tí òkìkí ọsàn rẹ̀ kàn káàkiri, kì í ṣe ohun àjèjì kí ìyá olóyún oṣù mẹ́jọ ru agbọ̀n ọsàn lọ sọ́jà, kó sì gun ọ̀kadà lọ sí Ìlọrà. Bí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá wá fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí ibùsùn lóru, tó dà bíi pé wọ́n fi ọ̀bẹ gún un níwájú ìbàdí, lókè ojú ara gan-an, ohun tó lè kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé egungun òun ti là, tàbí pé ọmọ ti fẹ́ dé. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì.

Egungun ìbàdí dà bí òrùka. Lẹ́yìn, ó so mọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn lọ́tùn-ún àti lósì. Níwájú, apá méjèèjì pàdé, kèrékèré sì so wọ́n pọ̀. Àlàfo tó wà níwájú yìí kì í ju nǹkan bíi mílímítà 4 sí 5 lọ. Nínú oyún, ara máa ń tú àwọn iṣan tó so egungun pọ̀ díẹ̀, àlàfo náà a sì fi mílímítà 2 tàbí 3 fẹ̀ sí i. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ìrora máa ń dé nígbà tí apá ọ̀tún àti òsì kò bá jọ rìn pọ̀ dáadáa mọ́. Nǹkan bí aboyún kan nínú márùn-ún ló ń ní in. Kì í pa ọmọ inú lára.

Ọ̀nà tí a fi ń dá a mọ̀ ni pé ó máa ń le sí i nígbà tí gbogbo ara bá wà lórí ẹsẹ̀ kan, tàbí tí itan bá ṣí: bíi gígun àtẹ̀gùn, wíwọ ṣòkòtò lórí ìdúró, tàbí gígun ọ̀kadà. Bí ìyá bá sinmi, á rọlẹ̀.

Nítorí náà, ìtọ́jú rẹ̀ kò ju kí ẹsẹ̀ méjèèjì máa ṣiṣẹ́ pọ̀ lọ. Kí ìyá náà jókòó kó tó wọṣọ. Bó bá fẹ́ yí padà lórí ibùsùn, kó pa orúnkún méjèèjì pọ̀, kó sì yí gbogbo ara lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá sùn ní ẹ̀gbẹ́, kó fi ìrọ̀rí sáàrin orúnkún. Kó fi ọ̀kadà sílẹ̀ wọ ọkọ̀; kó kọ́kọ́ fi ìdí jókòó, kó tó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé pọ̀. Kó pín ọsàn náà sí ẹrù kéékèèké, kó má sì gbé ọmọ mìíràn sí ìbàdí kan.

Àyẹ̀wò kékeré kan wà tí àwọn tó ń tọ́jú iṣan àti egungun máa ń ṣe. Ìyá á fẹ̀yìn lélẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ kan sókè ní nínà, bí ìbú ọwọ́ kan. Ẹlòmíràn á wá fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ìbàdí rẹ̀ sínú láti ẹ̀gbẹ́, á sì tún un gbé. Bó bá fúyẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó ṣeé ṣe kí bẹ́líìtì ìbàdí ràn án lọ́wọ́. Abẹ́ ikùn, yípo ìbàdí, ni wọ́n ń dì í sí, kì í ṣe orí ikùn. Bó bá sì fẹ́ sùn, kó tú u.

Ní ti oògùn, parasitamọ́ọ̀lù ni wọ́n sábà máa ń fún aboyún, ní ìwọ̀n tí nọ́ọ̀sì bá sọ. Alábùkún kò yẹ, nítorí asipirín ló wà nínú rẹ̀. Íbúpúròfẹ́ẹ̀nì náà kò yẹ: bí oyún bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 20, ó lè pa kíndìnrín ọmọ lára, nígbà tó bá sì ti dàgbà sí i, ó lè dí ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ kan tó wà nítòsí ọkàn ọmọ náà. Aboyún tí dókítà bá fi asipirín kékeré sí ìtọ́jú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀.

Àwọn àmì kan kì í ṣe ti egungun yìí rárá. Bí ìrora bá ń dé, tó ń lọ, tó sì ń sún mọ́ra wọn, ìrọbí ló lè jẹ́. Bí ikùn bá le gbagidi tí kò rọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ń jáde, tàbí tí ọmọ kò yíra bó ti máa ń ṣe, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ibà, tàbí kí ìtọ̀ máa ta ìyá, lè jẹ́ àmì kòkòrò nínú ìtọ̀. Bí ojú ara àti ìdí bá kú tipiri, tí kò lè mú ìtọ̀ dúró mọ́, tàbí tí kò lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ rárá, ìyẹn náà kò ṣeé fi di ọ̀la. Aboyún tó bá ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde gbọ́dọ̀ tètè jẹ́ kí dókítà yẹ ìbàdí rẹ̀ wò, torí àìsàn náà fúnra rẹ̀ lè ba egungun ibẹ̀ jẹ́.

Kí ìyá náà sọ fún agbẹ̀bí ṣáájú ọjọ́ ìbí, kí wọ́n jọ wo ibi tí orúnkún rẹ̀ lè ṣí dé láìsí ìrora. Ó lè bímọ ní ìfẹ̀gbẹ́lélẹ̀ tàbí lórí ìkúnlẹ̀, kí wọ́n má bàa ya itan rẹ̀ kọjá ààlà náà. Lára èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìyá, ìrora yìí máa ń lọ láàrin ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ.