Orúkọ Ọjà àti Ìwọ̀n Rẹ̀: Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Bá Wa Wá Iye Owó
Ìwé ìlàlóye fún àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ elépo ní Pobẹ̀ àti Sakété

Ẹ̀yin tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà lé lọ́wọ́ pé kí ẹ máa fi kọ rìsíìtì fún àwọn ìyá elépo la kọ ìwé yìí fún. Epo la fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ilẹ̀ ọ̀pẹ ni ilẹ̀ wa. Láti 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobẹ̀. Ẹni tó bá ń ta gàrí tàbí àgbàdo lè fi ọjà tirẹ̀ rọ́pò, ọ̀nà kan náà ni.

Oníbàárà kì í kàn béèrè pé èló ni epo. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ìyá, èló ni àdín, bídọ̀ lítà 25?" Ìbéèrè méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ kan yẹn: irú epo wo, àti ìwọ̀n wo. Bí ìwé iye owó bá wà lára ògiri, ìka ọwọ́ òsì á sọ̀ kalẹ̀ lára orúkọ ọjà títí yóò fi kan àdín, ìka ọwọ́ ọ̀tún á máa rìn lọ lórí ìlà òkè títí yóò fi kan 25. Ibi tí ìka méjèèjì bá ti pàdé ni owó wà. Ohun tí ìka méjèèjì yẹn ń ṣe gan-an ni fọ́múlà inú ìwé yìí ń ṣe.

Tábìlì owó

Ẹ ṣí Ẹ́kísẹ́ẹ̀lì, kí ẹ kọ tábìlì yìí sí igun òkè lápá òsì. Àpẹẹrẹ ni àwọn owó inú rẹ̀, kì í ṣe iye tí ọjà ń lọ lónìí. Sẹ́fà ni gbogbo wọn.

```
      A           B      C      D
1     Oja         1      5      25
2     Epo pupa    900    4300   20500
3     Adin        1100   5300   25500
4     Ororo epa   1300   6200   30000
```

Ẹ kíyè sí i pé nọ́ńbà lásán la kọ sí ìlà òkè: 1, 5, 25. A ò kọ "lítà" mọ́ ọn. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi òpó E sílẹ̀ lófìfo, kí ẹ máa kọ ohun tí oníbàárà fẹ́ sí apá ọ̀tún: orúkọ ọjà ní F2, ìwọ̀n ní G2. Owó yóò jáde ní H2. Fọ́múlà tí ẹ máa tẹ̀ sí H2 nìyí:

```
=INDEX($B$2:$D$4;EQUIV(F2;$A$2:$A$4;0);EQUIV(G2;$B$1:$D$1;0))
```

Ẹ jẹ́ ká tú u. `EQUIV` kò mọ owó rárá, ipò ló ń kà. Bí ẹ bá kọ Adin sí F2, `EQUIV` àkọ́kọ́ á wo A2 dé A4 láti òkè sísàlẹ̀, á rí Adin ní ipò kejì, á sì mú 2 wá. Bí ẹ bá kọ 25 sí G2, `EQUIV` kejì á wo B1 dé D1 láti òsì sí ọ̀tún, á rí 25 ní ipò kẹta, á mú 3 wá. Ìgbà náà ni `INDEX` á wọ inú owó tó wà láàrin B2 àti D4, á ka ìlà méjì sísàlẹ̀, á ka òpó mẹ́ta sí ọ̀tún, á sì gbé 25500 síta.

Àmì `$` ló kan tábìlì mọ́lẹ̀ bí ìṣó. Bí ẹ bá fa fọ́múlà náà lọ sí H3 àti H4 fún oníbàárà mìíràn, F2 á di F3, G2 á di G3, ṣùgbọ́n tábìlì owó kò ní kúrò níbi tó wà.

Ẹ̀rọ tó ń sọ Faransé, ẹ̀rọ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì

Ibí yìí ló ń dà wá láàmú jù ní ẹ̀bá ààlà. Èdè Faransé ló wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ìlú wa, ti àwọn ará wa ní Nàìjíríà sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí tiwa ń pè ní `EQUIV`, tiwọn ń pè é ní `MATCH`. `INDEX` kò yí padà. Àmì tó ń pín fọ́múlà náà yàtọ̀: tiwa ń lo `;` nítorí pé kọ́mà ni Faransé fi ń kọ ìdásí nọ́ńbà, tiwọn sì ń lo kọ́mà. Bí fọ́múlà wa yóò ṣe rí lọ́dọ̀ wọn nìyí:

```
=INDEX($B$2:$D$4,MATCH(F2,$A$2:$A$4,0),MATCH(G2,$B$1:$D$1,0))
```

Bí ẹ bá fi fáìlì náà fúnra rẹ̀ ránṣẹ́, kò séwu. Ẹ́kísẹ́ẹ̀lì á tú orúkọ náà sí èdè ẹ̀rọ tó bá ṣí i. Wàhálà wà níbẹ̀ bí ẹnìkan bá kọ fọ́múlà ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, tí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà. Bí kọ́mà bá wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ lè kọ̀ ọ́ pátápátá. Bí ẹ bá tún kọ́mà ṣe tí ẹ gbàgbé `MATCH`, `#NOM?` ni ẹ máa rí, ìyẹn ni pé ẹ̀rọ kò mọ orúkọ tí ẹ pè.

Òdo tí kò gbọdọ̀ sọnù

Ẹ wo òdo tó parí `EQUIV` kọ̀ọ̀kan. Ó ń sọ fún ẹ̀rọ pé ohun tó bá bára mu gẹ́lẹ́ ni kó mú wá. Bí ẹ bá yọ ọ́ pẹ̀lú `;` tó ṣáájú rẹ̀, ẹ̀rọ kò ní bínú, kò sì ní fi àṣìṣe kankan hàn. Á gbà pé ẹ ti to orúkọ ọjà yín ní A, B, D, á máa fo láti àárín wá a. Nínú tábìlì wa, Epo pupa ló ṣáájú Adin, nítorí náà wọn ò tò bẹ́ẹ̀.

Ẹ yọ òdo `EQUIV` àkọ́kọ́ àti `;` tó ṣáájú rẹ̀ kí ẹ fojú ara yín rí i. Ẹ kọ Epo pupa sí F2, 25 sí G2. Ẹ̀rọ á kọ́kọ́ wo àárín, á bá Adin, á rò pé Epo pupa gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Á wo ìsàlẹ̀, á bá Ororo epa, á rí i pé òun ti kọjá. Á wá padà sórí Adin, á mú 25500 wá. Iye epo pupa tòótọ́ ni 20500. Oníbàárà ti san 5000 sẹ́fà lé e, rìsíìtì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Ẹ dá `;` àti òdo náà padà.

Ti ìwọ̀n tún burú sí ẹni tó ń tà. Nọ́ńbà 1, 5, 25 tò dáadáa, nítorí náà àìsí òdo níbẹ̀ lè pẹ́ kó tó hàn. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá béèrè lítà 20, tí kò sí nínú tábìlì, ẹ̀rọ á mú èyí tó kéré tó sún mọ́ ọn, ìyẹn 5, á sì ta lítà 20 epo pupa ní 4300. Bí òdo bá wà níbẹ̀, `#N/A` ló máa hàn, ẹ ó sì mọ̀ pé ẹ kò tíì dá owó lé ìwọ̀n yẹn.

Nígbà tí `#N/A` bá hàn, tí orúkọ sì wà níbẹ̀

Ojú yín rí Adin nínú tábìlì, ẹ rí Adin ní F2, síbẹ̀ `#N/A` ni. Ojú àti ẹ̀rọ kì í ka ìwé bákan náà. Ẹ̀rọ kò bìkítà bóyá ẹ fi lẹ́tà ńlá tàbí kékeré kọ ọ́, ṣùgbọ́n àlàfo kan ṣoṣo lẹ́yìn orúkọ tó láti ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ fi èyí ka lẹ́tà rẹ̀ nínú àpótí kan tó ṣófo:

```
=NBCAR(F2)
```

Lẹ́tà mẹ́rin ló wà nínú Adin. Bí ẹ bá rí 5, àlàfo ló fara pamọ́ níbẹ̀. Ẹ pa á rẹ́ kí ẹ tún orúkọ náà tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkọsílẹ̀ Yorùbá tiwa náà wà níbẹ̀. Lábẹ́ álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1975, ẹnìkan lè kọ `ekpo` níbi tí ẹlòmíràn ti kọ `epo`, kí ó sì kọ `ɛ` níbi tí ará Nàìjíríà ti kọ `ẹ`. Àwa gbọ́ ara wa. Ọ̀rọ̀ méjì ni lójú ẹ̀rọ. Èyí tó tún le jù ni pé `ẹ` kan náà lè jẹ́ lẹ́tà kan lórí fóònù yìí, kó jẹ́ `e` pẹ̀lú àmì tí wọ́n fi kún un lórí fóònù mìíràn, tí ojú ènìyàn kò sì lè dá wọn mọ̀. Ìdí nìyí tí a fi kọ orúkọ ọjà láìsí àmì nínú tábìlì. Kì í ṣe pé a kórìíra àmì ohùn. Nínú ìwé kíkà, ẹ fi í sí i.

Ìwọ̀n náà ní ti rẹ̀. Bí ẹ bá kọ `25 L` sí G2, tàbí tí 25 wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, kò lè bá nọ́ńbà 25 mu. Nọ́ńbà máa ń fara ti ọ̀tún àpótí, ọ̀rọ̀ máa ń fara ti òsì, bí ẹ kò bá fọwọ́ yí i padà. Ẹ wo ibi tó fara tì.

Ọ̀nà tó dára jù ni pé kí ẹnikẹ́ni má tẹ orúkọ mọ́. Ẹ yan òpó F, ẹ lọ sí `Données`, lẹ́yìn náà `Validation des données`, ẹ mú `Liste`, kí ẹ tọ́ka sí A2 dé A4. Láti ìgbà náà, akọ̀wé á máa yan orúkọ látinú tábìlì fúnra rẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún G pẹ̀lú B1 dé D1.

Owó tó jẹ́ ti ọjà ẹlòmíràn

Ẹni tó bá fi A1 bẹ̀rẹ̀ dípò A2 nínú `EQUIV` ti gbé ìka rẹ̀ lé àkọlé. Adin á di ipò kẹta, `INDEX` á sì mú owó Ororo epa wá láìsọ nǹkan kan. Ibi tí owó ti bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ àkọlé ni orúkọ náà gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, iye ìlà wọn sì gbọ́dọ̀ dọ́gba.

Bí ọjà tuntun bá dé, ẹ fi ìlà rẹ̀ sáàárín tábìlì, fọ́múlà á fẹ̀ láti gbà á. Bí ẹ bá kọ ọ́ sí ìlà 5, lẹ́yìn òpin, fọ́múlà kò mọ̀ ọ́n.

Bí ẹ kò bá ta ìwọ̀n kan, ẹ má fi àpótí rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, nítorí òdo ni `INDEX` máa mú wá, rìsíìtì á sì sọ pé ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kọ `ko si` síbẹ̀. Nítorí ìdí kan náà, ẹ má fi `SIERREUR` sọ `#N/A` di òdo. `#N/A` ń bá yín ṣọ́ owó.

Ní gbogbo òwúrọ̀ tí owó bá yí padà, kí ẹ tó kọ rìsíìtì kankan, ẹ dán ẹẹ́ta wò: ọjà àkọ́kọ́ pẹ̀lú ìwọ̀n tó kéré jù, ọjà àárín pẹ̀lú ìwọ̀n àárín, ọjà tó kẹ́yìn pẹ̀lú ìwọ̀n tó tóbi jù. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ fọ́múlà náà sí J2, ẹ fi I2 tí ẹ kò fi `Liste` sí rọ́pò F2 nínú rẹ̀, ẹ kọ orúkọ tí kò sí nínú tábìlì sí I2, kí ẹ rí i pé `#N/A` jáde. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta àkọ́kọ́ bá yàtọ̀ sí ohun tó wà lára ògiri, tàbí tí `#N/A` kò bá jáde, ẹ fi bíròo kọ rìsíìtì ọjọ́ náà títí ẹ ó fi rí ibi tó ti yà.