Ọ̀rọ̀ Mélòó Ló Ń Kún Ìpolówó Ìṣẹ́jú Kan?

Àkókò ni ẹni tó bá fẹ́ polówó ọjà lórí tẹlifíṣọ̀n ń rà: ìṣẹ́jú àáyá 15, 30, 45 tàbí 60. Bí ìpolówó bá kọjá iye tí wọ́n sanwó fún, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n lè dá a padà, wọ́n sì lè gé e kúrú. Bí wọ́n bá sì gé e, ìparí ló sábà máa ń lọ sí i, níbi tí nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì wà. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa kà sórí àwòrán ti mọ bí yóò ṣe pẹ́ tó lẹ́nu kí wọ́n tó wọ sítúdíò.

Ohun tí ọ̀pọ̀ apolówó mọ́ lórí ni pé ọ̀rọ̀ 150 ló ń kún ìṣẹ́jú kan. Ìṣirò Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ láìdúró. Bí a bá gbé e wá sínú Yorùbá bẹ́ẹ̀, ó lè tàn wá jẹ. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni “Ẹ wá rà á,” síbẹ̀ “ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta,” tó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, gùn jù ú lọ lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ a sì tún máa wọnú ara wọn: a ó kọ “ra ọṣẹ,” a ó sì pè é ní “rọṣẹ.” Ohun tó dájú ni kí a wọn ẹni tó máa kà á gan-an. Ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ Yorùbá 100 tó jọ irú èyí tí ẹ fẹ́ kọ, kí ó kà á sókè bó ṣe máa kà á ní sítúdíò, kí ẹ sì fi fóònù ka àkókò rẹ̀. Ká ní ó gbà á ní ìṣẹ́jú àáyá 40, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ méjì ààbọ̀ ló ń sọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹ jẹ́ ká fi ìpolówó ọṣẹ dúdú kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀rọ̀ 150 ni kọ̀m̀pútà kà nínú ohun tí olọ́ṣẹ kọ, ó sì rò pé ó ti pé géérégé. Àmọ́ orin ló máa kọ́kọ́ dún fún ìṣẹ́jú àáyá 3 láìsí ọ̀rọ̀. Láàárín, ọṣẹ máa hó lọ́wọ́ obìnrin kan fún ìṣẹ́jú àáyá 5, kí àwọn tó ń wò ó lè rí i dáadáa. Ní ìparí, orúkọ ọṣẹ máa dúró lójú tẹlifíṣọ̀n fún ìṣẹ́jú àáyá 4. Bí a bá yọ 12 yìí kúrò nínú 60, 48 ló kù fún ohùn. Ìlọ́po méjì ààbọ̀ 48 jẹ́ 120, kì í ṣe 150.

Kò tíì tán síbẹ̀. Nọ́ńbà fóònù wà nínú ìwé náà, ọ̀rọ̀ kan ni kọ̀m̀pútà sì kà á sí. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà 11 ni, bí a bá sì pè é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kó lè yé èèyàn, ó máa tó ìṣẹ́jú àáyá 6. Olọ́ṣẹ fẹ́ kí wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹn jẹ́ 12, ọ̀rọ̀ 90 péré ni yóò sì kù fún un. Ó sàn kí wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sójú tẹlifíṣọ̀n títí ìpolówó á fi parí. Nígbà náà, ìṣẹ́jú àáyá 42 ló kù, ìyẹn ọ̀rọ̀ 105. Bẹ́ẹ̀ náà ni iye owó: “₦3,500” jẹ́ ẹyọ kan lójú kọ̀m̀pútà, àmọ́ “ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà” la máa gbọ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kọ gbogbo iye owó bí ẹnu ṣe máa pè é, kí ẹ tó kà á.

Ọ̀rọ̀ bíi 45 ló wá yẹ kó kúrò. Ohun tí àwòrán ti fi hàn ni kí a kọ́kọ́ yọ. “Ẹ wo bó ṣe ń hó, ẹ wo bí ìfófòó rẹ̀ ṣe funfun” jẹ́ ọ̀rọ̀ 13, ó sì lé ní ìṣẹ́jú àáyá 5. Ojú ti rí ìfófòó náà, ẹ jẹ́ kí ẹnu dákẹ́.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ka ohun tó kù sókè bí àwòrán ṣe ń lọ. Ẹ má fi ojú kà á lásán, nítorí ojú máa ń yára ju ẹnu lọ. Bó bá fi ìṣẹ́jú àáyá 3 lé, ọ̀rọ̀ 7 tàbí 8 ni kí ẹ yọ; ẹ má sọ pé kí ó sáré kà á. Bó bá sáré, á máa gbé ìparí ọ̀rọ̀ mì, ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ á dàrú, a ó sì máa gbọ́ bó ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ. Yíyí i sáré lórí kọ̀m̀pútà kò yàtọ̀ sí èyí. Ó dára kí ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì ṣẹ́ kù.

Bí olọ́jà bá wá ní kí a fi gbólóhùn kan kún un, ẹ ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Bó bá jẹ́ 10, ìṣẹ́jú àáyá 4 nìyẹn. Kí òun fúnra rẹ̀ sọ èyí tí a máa yọ dípò rẹ̀.