Ìránnilétí mélòó ló pọ̀ jù lórí fóònù yín?

Lọ́dún 2011, àwọn olùwádìí gbé àbájáde kan jáde láti ilé ìwòsàn ìgbèríko kan ní Kẹ́ńyà. Èèyàn 431 tó ń lo oògùn kòkòrò éèdì ni wọ́n tọ́pa fún ọ̀sẹ̀ 48. Wọ́n ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán àwọn kan létí lójoojúmọ́, àwọn kan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, wọn ò sì rán àwọn tó kù létí rárá. Nínú àwọn ti ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ìdá 53 nínú 100 ló lo oògùn wọn déédéé. Nínú àwọn tí wọn ò rán létí, ìdá 40 ni. Àwọn ti ojoojúmọ́ ńkọ́? Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju àwọn tí wọn ò rán létí lọ.

Ohun tó lè fà á kò ṣòro. Ohun tó bá ń dún lemọ́lemọ́, tí nǹkan kan ò tẹ̀lé e, ọpọlọ kì í kà á sí mọ́. Ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọta mọ̀ ọ́n dáadáa: kò ní pẹ́ tí kò fi ní gbọ́ ariwo yẹn mọ́, etí ẹ̀ ò sì di.

Torí náà, tẹ́ ẹ bá ti lo ìránnilétí fún oṣù kan, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan ṣírò. Nígbàkigbà tí ọ̀kan bá dún, ẹ kọ lẹ́tà kan sílẹ̀: S, ó mú mi ṣe é, T, mo ti ṣe é tẹ́lẹ̀, G, mo gbá a dànù.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ Pólì Ẹdẹ kan ní mọ́kànlá: jíjí kan, ìrun márùn-ún, omi mímu mẹ́ta, ìwé kíkà kan, oògùn kan. Jíjí gba S, ó dúró. Ìrun mẹ́rin gba T, torí ìpè mọ́sálásí ti ṣáájú fóònù. Ó pa wọ́n rẹ́. Alásárì nìkan ló kù, torí kíláàsì ló máa ń wà nígbà yẹn, kì í gbọ́ ìpè. Omi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba G. Ó pa wọ́n rẹ́, ó wá ń gbé ìgò omi sínú báàgì. Ìwé kíkà náà gba G, ṣùgbọ́n aago mẹ́rin ló ń dún, nígbà tó wà nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Àkókò ni kò bá a mu, ó sún un sí aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́.

Oògùn gba T lójoojúmọ́, síbẹ̀ ó fi í sílẹ̀. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ìránnilétí tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré téèyàn bá gbàgbé lè dá wàhálà sílẹ̀. Ó kàn fún un ní ohùn tó yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù.

Mọ́kànlá ti di mẹ́rin. Kó dán an wò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tó bá gbàgbé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan nínú àwọn tó pa rẹ́, kó dá ìyẹn nìkan padà.

Kò sí iye kan tó bá gbogbo èèyàn mu. Àmì tẹ́ ẹ máa wò rèé: tí ọwọ́ yín bá ti ń pa á kí ojú yín tó kà á, ó ti pọ̀ jù nìyẹn.